Ẹ gbà mí o, ṣé ìtàn tí mò ń kọ yìí lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ bàálù dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ìtàn kékeré kan ni mò ń kọ, ó ti há mi síbì kan. Ọkùnrin inú ẹ̀ kúrò ní Los Angeles ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ Mọ́ńdè, oṣù Júláì, wákàtí 15 ló fi dé Sydney. Ó ní Túsìdé náà nìyẹn, ló bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Melbourne lọ́tọ̀, ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Túsìdé. Kò rí "+2" kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tí wọ́n máa balẹ̀, tó ń sọ pé ọjọ́ méjì lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gbéra ni (èmi náà ò bá má rí i). Sydney sì fi wákàtí 17 ṣíwájú Los Angeles, nítorí náà aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ Wẹ́sìdé ló balẹ̀, bàálù kejì ti lọ látàná. Aago ọwọ́ ẹ̀ tí ò tíì yí ṣì ń sọ pé aago kan ààbọ̀ ọ̀sán Túsìdé ni, ọkàn ẹ̀ wá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ìbéèrè mi: ìta ṣì máa ṣókùnkùn lásìkò yẹn, ṣé ẹni tó ń tòògbé lè má fura rárá títí ó fi dé káńtà? Pàìlọ́ọ̀tì ńkọ́, ṣé wọ́n máa ń dárúkọ ọjọ́ àbí aago nìkan? Àti pé nígbà tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣé owó yẹn ti wọmi nìyẹn?