Ẹ ka wákàtí kí ẹ tó ka fídíò: ìrírí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ oṣù

Olóbẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan béèrè bí òṣìṣẹ́ ṣe lè ṣètò fídíò oṣù kan láì fi iṣẹ́ pa ara rẹ̀, mo sì fẹ́ sọ bí ó ṣe rí fún èmi. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Marina ní Èkó, Mowe ni mo sì ń gbé. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni ọkọ̀ òṣìṣẹ́ máa ń gbé wa, tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ kò bá sì pọ̀, mo máa ń wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Oúnjẹ Ìjẹ̀bú ni mo máa ń sè jù lórí YouTube, ṣùgbọ́n mo máa ń yà sí ti àwọn ìlú mìíràn náà.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo lẹ ìwé mọ́ ògiri pé fídíò mẹ́ta ni n ó máa gbé jáde lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní bọ́ sí i, ọ̀sẹ̀ kejì di ẹyọ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, oorun gbé mi lọ níbi tí mo ti ń gé fídíò lórí fóònù. Nígbà tí mo jí, ìka mi ti pa ibi tí mo ti ń fẹ́ ata rẹ́, ọbẹ̀ náà sì ṣe bí ẹni pé ó pọ́n fúnra rẹ̀.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé mo mú ìwé kékeré kan, mo sì kọ iye àkókò tí fídíò kan ṣoṣo gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbẹ̀gìrì ni mo sè nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́jọ ló sì gùn. Kíkọ ohun tí n ó sọ gba wákàtí kan ààbọ̀, ọjà gba wákàtí kan, sísè àti yíyà gba mẹ́ta, gígé gba márùn-ún. Àwòrán ìta fídíò àti àkọlé gba ìṣẹ́jú 45, gbígbé e sórí YouTube náà sì gba bẹ́ẹ̀. Wákàtí 12 gbáko nìyẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀, bí ẹ bá bi mí, n bá sọ pé wákàtí márùn-ún ni.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ka àkókò tí mo ní. Ẹ jẹ́ kí n fi oṣù kọkànlá ọdún 2025 ṣe àpẹẹrẹ. Sátidé márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: ọjọ́ kìíní, ìkẹjọ, ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìkejìlélógún àti ìkọkàndínlọ́gbọ̀n. Ìnáwó ìdílé gba ti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìparí oṣù ní báńkì sì gba èyí tó kẹ́yìn. Mẹ́ta tó kù, wákàtí márùn-ún márùn-ún, jẹ́ 15. Nínú Ọjọ́ Ìsinmi márùn-ún tó wà níbẹ̀, mẹ́rin ni mo kà, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, jẹ́ 12. Mo ka wákàtí mẹ́rin fún inú ọkọ̀, nítorí pé mo lè kọ ọ̀rọ̀ tí n ó sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè gé fídíò níbẹ̀ nítorí èébì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 31. Mo yọ mẹ́jọ kúrò fún iná tó máa lọ, àlejò tí kò ránṣẹ́ ṣáájú, àti ọjọ́ tí ara kò ní gbé e. Ó ku 23. Ìdí tí ìwé ara ògiri yẹn fi ń parọ́ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn: 23 kò tilẹ̀ pé fídíò méjì tí a bá ṣe wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ṣùgbọ́n tí mo bá ya méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, wákàtí kan ààbọ̀ ni ọjà, márùn-ún ni yíyà, gbogbo rẹ̀ sì wálẹ̀ sí wákàtí 22 ààbọ̀. Ó wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fún mọ́ra. Nítorí náà, ọjọ́ kìíní oṣù ni mo lọ sọ́jà, ọjọ́ kẹjọ ni mo ya ìkókóré àti gbẹ̀gìrì, àwọn ọjọ́ Ìsinmi tó kù ni mo fi ń gé e.

Ọ̀nà tí a ń gbà to ọjọ́ yíyà ṣe pàtàkì ju bí mo ṣe rò lọ. Ìlà oòrùn ni fèrèsé ilé ìdáná mi kọjú sí, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì dára mọ́ tí aago mọ́kànlá bá ti lù. Ewùrà tí a bá rin sílẹ̀ máa ń yí àwọ̀ padà kíákíá, nítorí náà ìkókóré ni mo máa ń ya ṣáájú nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ṣì dára, tí ẹ̀wà tí mo ti bó yóò sì máa jinná lọ lórí iná kejì. Lẹ́yìn náà mo máa ń pààrọ̀ bùbá, nítorí pé àwọn aráyé ti bi mí rí bóyá aṣọ kan ṣoṣo ni mo ní. Mi ò kí ń sọ̀rọ̀ nígbà tí mo bá ń sè é, torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Òru ni mo máa ń gba ohùn sílẹ̀, pẹ̀lú orí mi nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ.

Ohun tí mo yà ní oṣù kọkànlá, oṣù kejìlá ni wọn yóò jáde, ní Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kẹrin àti Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún. Kí n tó lè fi oṣù kan ṣíwájú báyìí, mo ní láti dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko láì gbé nǹkan kan jáde, ẹ̀rù sì bà mí.

Bàbá Bọ́ọ̀lù

Ẹ ṣeun, mọ̀lẹ́bí, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Méjì lóṣù kéré jọjọ. Tí ẹ kò bá gbé mẹ́ta jáde lọ́sẹ̀, YouTube yóò gbàgbé yín. Ìjọba ìbílẹ̀ ni èmi náà ń bá ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, mo sì ń gbé márùn-ún jáde lọ́sẹ̀. Mo máa ń jókòó síwájú fóònù, n ó sọ ohun tí mo rí nínú eré bọ́ọ̀lù, ìṣẹ́jú kan ni, ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Tí mo bá dúró di oṣù tó ń bọ̀ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ eré àná, ta ni yóò wò ó?

Nọ́ọ̀sì Manchester

Bàbá Bọ́ọ̀lù, ẹ jàre lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń tutù ni. Gbẹ̀gìrì kì í tutù. Ní ti iye, n kò rí òfin kankan tó sọ pé mẹ́ta lọ́sẹ̀. Láti wọ ètò ìpín owó ìpolówó, alátẹ̀lé 1,000 àti wákàtí ìwòran 4,000 láàárín oṣù 12 ni wọ́n ń kà, tàbí ìwòran mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90 lórí Shorts, ìyẹn àwọn fídíò kúkúrú YouTube. Àkókò tí àwọn ènìyàn bá fi wo Shorts nínú ojú ìwé Shorts kì í sì wọ inú 4,000 yẹn. Níbi tí mo wà, ìpele kékeré kan wà tó béèrè iye fídíò, mẹ́ta péré láàárín ọjọ́ 90 ni. Olóbẹ̀ ti kọjá ìyẹn.

Èmi kò ní Sátidé nínú iṣẹ́ tèmi. Wákàtí méjìlá méjìlá ni, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn ọ̀sán, nígbà mìíràn òru. Ìwé iṣẹ́ ni mo fi ń ṣètò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Àṣìṣe tí mo ṣe fún ọ̀pọ̀ oṣù ni pé mo ń ka ọjọ́ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ òru mọ́ ọjọ́ ìsinmi. Mo gé fídíò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gba ìlọ́po méjì àkókò, mo sì tún un gé lọ́jọ́ kejì. Ní báyìí òdo ni mo ń kọ sí ọjọ́ náà.

Ẹ má dúró di ọjọ́ tí fídíò yóò jáde kí ẹ tó gbé e sókè o. Ẹ gbé e sókè ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ yan Schedule nínú YouTube Studio, yóò wà ní Private, ẹnikẹ́ni kò ní rí i, títí aago yóò fi lù. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àwòrán tó mọ́ kedere máa ń pẹ́ kó tó ṣetán, bí orin kan nínú rẹ̀ bá sì ní olóhun, ẹ ó ti rí i nígbà tí ààyè ṣì wà láti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo aago. Aago méje alẹ́ ni mo ti ń gbé tèmi jáde, Nàìjíríà àti ibí sì jẹ́ ọgbọọgba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti ibí. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, wọ́n fa aago ibí sẹ́yìn ní wákàtí kan, Nàìjíríà kò yí tirẹ̀. Fídíò mi wá ń jáde ní aago mẹ́jọ nílé, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ṣe kàyéfì kí àbúrò mi tó pè mí.

Ìyá Aláṣọ Òkè

Ẹ kú àlàyé. Ṣé dandan ni kí èmi náà tò ó lóṣooṣù? Orí Status WhatsApp ni mo ń gbé aṣọ òkè mi sí, wákàtí 24 ni ó sì fi ń parẹ́.

Tíṣà Ìsẹ́yìn

Ìyá wa, ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀ díẹ̀. Aṣọ tó bá wà lọ́jà lónìí ni ẹ ń fi hàn, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ tò di oṣù tó ń bọ̀, àfi kí ẹ ya àwòrán púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ní kíláàsì àti lórí YouTube. Nínú ìsinmi gígùn kan, mo ya fídíò méjìlá sílẹ̀, inú mi sì dùn. Nínú mẹ́rin lára wọn ni mo ti sọ pé “ìdánwò yín ku ọ̀sẹ̀ méjì”. Nígbà tí wọ́n ń jáde, ìdánwò ti parí, àwọn ọmọ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun kejì tó dùn mí jù ni pé láti fídíò kejì ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé ọwọ́ mi ń bo pátákó, ṣùgbọ́n mẹ́wàá tó kù ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ náà. Nítorí náà, oṣù kan ṣíwájú dára. Oṣù mẹ́ta ti pọ̀ jù fún mi.

Bàbá Bọ́ọ̀lù

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò sọ bóyá ó pọn dandan kí Olóbẹ̀ máa gé Shorts láti inú fídíò gígùn rẹ̀, kí àlàfo ọ̀sẹ̀ méjì má baà gùn jù.

Olóbẹ̀ Ìjẹ̀bú

Mo ti ṣe é. Ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀kan ń gbà, nítorí pé àwòrán ti wà nílẹ̀, mo sì rí alátẹ̀lé díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé àwọn tó wò ó ló padà wá wo fídíò gígùn. Nọ́ọ̀sì ní òun fi sílẹ̀ pátápátá nígbà tí mo bi í níkọ̀kọ̀. Èmi ń gbìyànjú méjì lóṣù sí i, tí ó bá ti jẹ mọ́ wákàtí mẹ́jọ tí mo yọ sọ́tọ̀, n ó dá a dúró. Fídíò ọjọ́ kẹrin ti wà ní Private, aago méje alẹ́, mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì pé kì í ṣe ti àárọ̀. Ti ọjọ́ kejìdínlógún, ohùn rẹ̀ ni mi ò tíì gbà, nítorí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀gbẹ́ kò sùn láti ọjọ́ mẹ́ta yìí.