Wúrà gbówó lórí, kí ló dé tí ṣíà ilé-iṣẹ́ awakùsà ò bá a rìn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìlọrin àti Ọ̀fà. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń ná 1,500 dọ́là kó tó rí áúńsì wúrà kan wà jáde, tó ń tà á ní 2,000. Èrè jẹ́ 500. Bí wúrà bá gun 2,200, ìdá 10 nínú 100 péré ló fi lé, ṣùgbọ́n èrè di 700, ó fi ìdá 40 lé. Bó bá já sí 1,800, èrè ku 300. Wúrà inú àpótí ní tirẹ̀ kì í ra epo dísù, kì í sanwó oṣù. Bí wúrà bá wà ní 2,200, tí ìnáwó ilé-iṣẹ́ náà sì wá gun 1,700 ńkọ́? Èrè padà sí 500, ṣíà lè má kúrò lójú kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ìnáwó wo lẹ máa ń wò: ti ìwakùsà nìkan, àbí èyí tó ka àtúnṣe ẹ̀rọ àti owó ọ́fíìsì mọ́ ọn?