Wọ́n ní kí n wọṣẹ́ ní oṣù Kẹfà, nótíìsì mi sì jẹ́ oṣù mẹ́ta: ẹ̀yin ńkọ́?

Aṣírò-owó Ọjọ́ta

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni lẹ́tà iṣẹ́ tuntun wọlé sórí fóònù mi nínú bọ́ọ̀sì. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ni wọ́n ní kí n wọṣẹ́. Ọkàn mi balẹ̀, torí oṣù kan ni lẹ́tà tí wọ́n fi gbà mí síbi tí mo wà sọ pé nótíìsì mi jẹ́. Mo gbàgbé pé wọ́n ti gbé mi ga lẹ́yìn náà. Lẹ́tà ìgbéga yẹn ló sọ ọ́ di oṣù mẹ́ta, èmi ò sì kà á kọjá ibi tí wọ́n kọ owó oṣù sí.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tuntun pé kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi sún un síwájú díẹ̀. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó dáhùn. Àbúrò mi ló bi mí pé, "Díẹ̀ tí ẹ wí yẹn, ọjọ́ mélòó ni?" Ni mo bá jókòó ṣírò ó. Tí mo bá fi ìwé sílẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún, oṣù mẹ́ta yóò pé ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ. Mo ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 15 tí mi ò tíì lò, ìwé ìlànà wa sì gbà kí èèyàn yọ ọ́ kúrò nínú nótíìsì. Ọjọ́ 15 oṣù Keje ni màá wá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn nìyẹn.

Lẹ́tà kejì tí mo kọ rèé: "Mo ti pinnu láti gba iṣẹ́ yìí. Nótíìsì mi jẹ́ oṣù mẹ́ta. Tí mo bá yọ ìsinmi mi kúrò, ọjọ́ 16 oṣù Keje ni mo lè wọṣẹ́. Tí ẹ bá nílò mi ṣáájú ìgbà náà, mo lè sanwó dípò ìyókù nótíìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo ni kò gbọdọ̀ kọjá lọ́dọ̀ yín?" Ọjọ́ kejì ni èsì dé: ọjọ́ 1 oṣù Keje. Mo ní kí wọ́n fi ọjọ́ náà tún lẹ́tà iṣẹ́ kọ. Àárọ̀ ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ló wọlé, ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fi ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ lé ọ̀gá mi lọ́wọ́.

Ó ku owó ọjọ́ 15 tí màá san dípò nótíìsì, láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 15 oṣù Keje. Bésíìkì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ìyẹn owó oṣù láìka àlàwáńsì: tèmi jẹ́ ₦160,000, ìdajì rẹ̀ ₦80,000. Àṣé ọ̀gá mi ti ju lẹ́tà náà sínú dúróò! Ọjọ́ 9 ló tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, òǹtẹ̀ ọjọ́ 9 ni wọ́n sì lù ú. Gbogbo nǹkan fi ọjọ́ mẹ́ta sún, mo sì san ₦96,000. Dúróò lásán jẹ mí ní ₦16,000.

Ẹ̀yin tí ẹ ti béèrè irú rẹ̀ rí, báwo ló ṣe lọ?

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Wọ́n rẹ́ ọ jẹ ni, ẹ̀gbọ́n. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà kò gbà ju nótíìsì oṣù kan lọ. Ẹni tó bá bèèrè oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ mi, màá rìn jáde ni.

Alàgbà Ìgbanisíṣẹ́

Àbúrò, rọra. Oṣù kan wà nínú òfin náà lóòótọ́, ní abala 11, fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni. Ṣùgbọ́n ìyẹn ni èyí tó kéré jù, kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù. Àwọn tó ń fi agbára ara ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé kéékèèké ni òfin náà sì wà fún. Aṣírò-owó tó ti di ọ̀gá kékeré, ìwé àdéhùn òun àti ilé-iṣẹ́ ló ń darí rẹ̀. Tó o bá rìn jáde, wọ́n lè ní kí o san owó nótíìsì náà, o sì tún lè pàdánù lẹ́tà ẹ̀rí tí ilé-iṣẹ́ tuntun máa béèrè.

Ọdún 17 ni mo fi gba èèyàn síṣẹ́. Tí ẹnì kan bá ní ká sún ọjọ́ síwájú, ohun tí ń kọ wá lóminú ni pé bóyá ó ń fi lẹ́tà wa ná ọjà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n lè fowó kún owó oṣù rẹ̀. "Díẹ̀" ló ń bí ìfura yẹn. Ọjọ́ kan pàtó àti ìdí rẹ̀ ló ń pa á. Èyí tó tiẹ̀ dára jù ni kí o sọ bí nótíìsì rẹ ṣe gùn tó nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí wọ́n tó kọ lẹ́tà rárá.

Ibi tí mo ti yìn ọ́ jù ni pé o ní kí wọ́n tún lẹ́tà kọ. Ọ̀pọ̀ máa ń gba "kò sí wàhálà" lórí wásáàpù, ẹni tó sọ ọ́ á wá fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Corper Tó Fẹ́ẹ́ Parí

Ẹ jọ̀ọ́, tèmi náà rèé. Mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n parí, ilé-iṣẹ́ kan sì ní kí n wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ni kí n fún ní nótíìsì?

Alàgbà Ìgbanisíṣẹ́

Ìyẹn kì í ṣe nótíìsì, ọmọ mi. Sọ fún wọn pé o kò tíì gba ìwé-ẹ̀rí rẹ, kí o sì dárúkọ ọjọ́ tí o máa gbà á.

Olùkọ́ Pẹ́kámù

Níbí, kàlẹ́ńdà ló ń sọ ọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí olùkọ́ bá fẹ́ lọ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún tó kọjá. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ni wọ́n gbà mí sí ilé-ẹ̀kọ́ míì, fún oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́rin péré! Mo bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ mi pé kó yọ̀ǹda mi, ó ní òun ò rí olùkọ́ ìṣirò míì. Àwọn tuntun gbà láti dúró di oṣù Kìíní. Mo rò pé torí pé olùkọ́ ìṣirò ṣọ̀wọ́n ni wọ́n ṣe dúró. Ká ní eré-ìdárayá ni mò ń kọ́ wọn, n kò mọ̀ bóyá wọ́n á dá mi lóhùn.

Bàbá Fáwàsì

Tèmi kò dára. Mo kọ́kọ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, kí n tó béèrè fún oṣù méjì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun. Wọ́n ní iṣẹ́ àkànṣe kan ló jẹ́ kí wọ́n gba èèyàn, àwọn kò lè dúró. Mo padà lọ bá ọ̀gá mi kí n gba ìwé mi padà, ó ti fi ipò mi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo lo nótíìsì náà tán, mo sì jókòó sílé fún oṣù márùn-ún.

Aṣírò-owó Ọjọ́ta

Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá wa. Alàgbà, ìbéèrè kan ṣì kù: ọ̀rẹ́ mi níbòmíràn, odidi owó oṣù ni wọ́n fi ṣírò owó nótíìsì rẹ̀, wọn ò lo bésíìkì.

Alàgbà Ìgbanisíṣẹ́

Kí ni ìwé rẹ̀ kọ?

Aṣírò-owó Ọjọ́ta

"Owó oṣù kan." Kò sọ èwo.

Alàgbà Ìgbanisíṣẹ́

Há. Níbẹ̀ gan-an ni ìjà máa ń wà. Kó béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é fún ẹni tó lọ ṣáájú rẹ̀, kó tó sanwó kankan.