Sáà èlé nìkan parí, owó oṣù wa fò sókè

Adúkẹ́, Mẹ́rílándì: Ẹ kú ilé o. Ọdún 2013 la yá 60,000 dọ́là lórí ilé wa, hílọ́ọ̀kì, ìyẹn gbèsè tí a fi ilé ṣe ìdúró fún, tí a fi tún òrùlé àti kíṣìnnì ṣe. Ọdún mẹ́wàá àkọ́kọ́, èlé nìkan la ń san, iye rẹ̀ sì ń bá praímù, iye èlé tí àwọn báńkì Amẹ́ríkà fi ń ṣe òdiwọ̀n, rìn gẹ́lẹ́. Nígbà tí praímù wà ní 3.25 nínú ọgọ́rùn-ún, 162 dọ́là àti ààbọ̀ ni lóṣù. A fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé gbèsè wà nílẹ̀. Nígbà tó di 2023 tí praímù gun 8.5, owó oṣù di 425. Ibi tí a ti ń ráhùn lórí ìyẹn ni lẹ́tà dé: sáà èlé nìkan ti parí, 744 la ó máa san lóṣù fún ọdún mẹ́wàá. Ojú owó tí a yá ṣì wà ní 60,000 gbáko.

Bàbá Ìbejì: Àwọn Fẹ́ẹ̀dì, báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ló fà á. Bí wọ́n bá ti sọ èlé kalẹ̀, ẹ ó padà sí 162 yín.

Ṣọlá Oníṣirò: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìdajì òótọ́ nìyẹn. Lóòótọ́, Fẹ́ẹ̀dì ló gbé e láti 162 dé 425. Ṣùgbọ́n láti 425 dé 744, iye èlé ò yí padà rárá. Ojú owó ló wọlé. Ká tiẹ̀ ní praímù padà sí 3.25 lónìí, 586 ni wọn yóò máa san. Ó ti tán pátápátá fún 162.

Ohun tó mú kí ó fò tó báyìí ni pé ọdún mẹ́wàá péré ni wọ́n ní láti san ojú owó tán. Àwọn ẹlòmíràn ní ogún ọdún láti san tiwọn. Gbèsè kan náà, èlé 8.5 kan náà, 521 ni yóò jẹ́ lóṣù. Ẹ má sáré yọ̀ o: èlé tí ẹ ó san lápapọ̀ yóò sún mọ́ 65,000, nígbà tí ti ọdún mẹ́wàá kò pé 30,000. Ẹ wo ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí ní 2013, iye ọdún ìsanpadà wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Lọ́ńdọ̀nù: Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀ o. Lábẹ́ àdéhùn tí ìjọba bá àwọn báńkì ṣe ní 2023, mo san èlé nìkan fún oṣù mẹ́fà. Gbèsè 200,000 pọ́n-ùn, èlé 5. Mo ń san 1,169 tẹ́lẹ̀, ó sọ̀ sí 833, nígbà tí mo jáde ó di 1,181. Ẹ sọ fún báńkì yín kí wọ́n fún yín ní oṣù mẹ́fà.

Ṣọlá Oníṣirò: Ẹ̀gbọ́n, Amẹ́ríkà ni wọ́n wà, àdéhùn yẹn ò dé ibẹ̀. Tiyín náà, oṣù mẹ́fà péré ni, ọdún tó kù ṣì pọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé pọ́n-ùn méjìlá péré ló lé e.

Adúkẹ́, Mẹ́rílándì: Ṣé báńkì lè sọ ọ́ di ogún ọdún?

Ṣọlá Oníṣirò: Ẹ lè bẹ̀ wọ́n, tàbí kí ẹ yá tuntun láti fi san ti àtijọ́. Wọn yóò tún wo owó tó ń wọlé fún yín àti iye tí ilé tó.

Adúkẹ́, Mẹ́rílándì: Ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn mí. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì, owó tó ń wọlé ò tó ti 2013 mọ́.

Bàbá Ìbejì: Èmi ṣì ní kí ẹ dúró de Fẹ́ẹ̀dì.