Ọjà padà síbi tó wà, owó oníbàárà dín: íméèlì ọ̀sẹ̀ tí mo kọ lẹ́ẹ̀mejì

Akọ̀wé Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn.

Mò ń bójú tó ètò aládàáṣiṣẹ́ kan tó ń fi owó àwọn oníbàárà ra ọjà kan ṣoṣo. Kò díjú rárá. Lálaalẹ́, tí òwò ọjọ́ náà bá ti parí, ó máa ń wo bí iye owó ṣe mì sí láàárín ogún ọjọ́ òwò tó kọjá, á wá pinnu ìpín owó tó yẹ kó wà nínú ọjà. Bí ọjà bá ń mì jù, á tà lára rẹ̀. Bó bá rọlẹ̀, á tún rà sí i. Ohun tí a bá oníbàárà ṣe àdéhùn rẹ̀ ni pé kí ìmì àpò rẹ̀ wà ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 lọ́dún. Nítorí náà, bí ìmì ọjà fúnra rẹ̀ bá jẹ́ 20, ìdajì owó ló máa wà níbẹ̀.

Ìdajì náà la fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjà já lulẹ̀ ní ìdá 6 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àpò oníbàárà sì fi ìdá 3 dín. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, ètò náà tà lára ohun tó wà lọ́wọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, ọjà ti gbéra padà, ó dúró gẹ́lẹ́ síbi tó wà lọ́jọ́ Ajé. Àpò oníbàárà ní tiẹ̀ kò padà síbẹ̀. Ó fi ìdá 0.8 dín.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ìròyìn èlé owó ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Mo bá kọ ọ́ sínú íméèlì pé ètò wa ti fura sí ìbẹ̀rù tó gbòde, ó sì yára sá síbi ààbò. Ó dùn létí mi nígbà tí mo ń kọ ọ́.

Ìyá àgbà kan wà lára àwọn oníbàárà mi. Kò pẹ́ tí èsì ìyá fi dé: "Ọmọ mi, ṣé ètò yín máa ń ka ìròyìn ni? Bó bá ń kà á, kí ló dé tí kò sá kí ọjà tó já?"

Mi ò rí nǹkan fèsì. Ètò náà kò ka ìròyìn rí láti ọjọ́ tí a ti kọ ọ́. Iye owó nìkan ló mọ̀. Èmi ni mo jókòó hun ìdí kan fún un. Mo ṣí àkọsílẹ̀ tí ètò náà fúnra rẹ̀ ń ṣe, ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà kan lọ:

```
TUE close  vol_20d=0.29  target=0.10  weight 0.50->0.35  reason=VOL_SCALE
```

Ìlà yẹn ni mo tú sí Yorùbá nínú íméèlì kejì. Mo kọ ọ́ báyìí: "Mà, ẹ má bínú. Ohun tí mo kọ ṣáájú kì í ṣe òótọ́; ètò wa kì í ka ìròyìn. Nígbà tí ọjà já, ìmì rẹ̀ kúrò ní 20, ó di 29. Ètò náà wá dín ìpín owó yín tó wà nínú ọjà láti 50 sí 35. Ìdá 3 tí ẹ pàdánù, orí 50 lẹ ti pàdánù rẹ̀. Nígbà tí ọjà gun padà, orí 35 lẹ ti jèrè, ìdí nìyẹn tí èrè náà kò fi ju ìdá 2 lé díẹ̀ lọ. Owó tí a san fún títà náà kò tó nǹkan. Ibi ìyàtọ̀ 50 àti 35 yẹn ni owó yín gbà lọ. Ká ní a ò tà, ẹ ò bá má pàdánù kọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ká ní ọjà sì tún já sí i ni, títà náà ni ì bá dín àdánù yín kù."

Ìyá fèsì ní gbólóhùn kan: "Ó ti yé mi. Ṣé ó tún lè ṣẹlẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Trédà Kékeré

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn fẹ́ dá ara yín lágara ni. Sítọ́ọ̀bù-lọ́ọ̀sì náà nìyẹn. Ọjà já, ètò tà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí i, gbogbo oníbàárà ló mọ̀ ọ́n.

Àgbà Oníṣirò

Àbúrò, òótọ́ ni pé ọjà já kí ètò tó tà, ṣùgbọ́n kì í ṣe jíjá rẹ̀ ló mú un tà. Sítọ́ọ̀bù-lọ́ọ̀sì máa ń wò ó bóyá iye tó wà báyìí ti já dé iye tí ẹ yàn sílẹ̀ láti tà. Èyí kò wo ibẹ̀ rárá. Ká ní ọjà *gun* ní ìdá 6 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ètò náà ì bá ṣì tà ní nǹkan bí iye kan náà, torí ìmì ni ìmì, ìbáà sókè, ìbáà sísàlẹ̀. Bí ẹ bá pè é ní sítọ́ọ̀bù-lọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ tó bá tà láàárín èrè, ẹ ò ní rí àlàyé ṣe.

Akọ̀wé, nǹkan kan ṣẹ́ kù tí ẹ ò tíì sọ fún ìyá. Ogún ọjọ́ ni ètò yín ń wò. Ọjọ́ ń bọ̀ tí Ìṣẹ́gun yẹn máa di ọjọ́ kọkànlélógún, á sì bọ́ síta. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìmì á ṣubú láti 29 sí nǹkan bí 20 lẹ́ẹ̀kan náà, ètò á sì ra ohun tó tà padà. Ọjà lè má ṣe ohunkóhun lọ́jọ́ náà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí mi, oníbàárà ní mo gbọ́ nǹkan tí òun kò gbọ́. Ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn kí ọjọ́ náà tó dé. Àwọn kan máa ń ṣírò ìmì náà kí ọjọ́ àtijọ́ lè máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ dípò kó bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Rírà náà á rọra lọ, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ọjọ́ kan pàtó nawọ́ sí nínú íméèlì.

Ìyá Onípolówó

Ó jọ pé ọ̀tọ̀ ni ètò tiyín o, ìpolówó ni tèmi ń rà. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ṣe mí. Ètò mi máa ń fi owó lé àyè ìpolówó fún oníbàárà kan tó ń ta bàtà, iye títà tó bá kà ló sì fi ń mọ iye tó máa fi lé e. Lọ́sẹ̀ kan, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn fún ọjọ́ méjì. Mo kọ ọ́ pé ará ọjà kò fẹ́ bàtà mọ́ lọ́jọ́ méjì yẹn. Oníbàárà ní, "Mà, ọjọ́ méjì yẹn gan-an la tà jù." Ṣé ẹ rí i, wọ́n ti pààrọ̀ ojú ewé tí wọ́n fi ń sanwó, kóòdù tó ń ka títà kò sì sí lórí èyí tuntun. Òdo ni ètò mi ń rí. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò purọ́, ohun tó rí ló kọ; ohun tó rí ni kì í ṣe òótọ́. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń gba ìwé títà oníbàárà, mo fi wé òǹkà ètò mi, kí n tó kọ ìdí kankan.

Trédà Kékeré

Ti kí ọjà gun kí ètò sì tà yẹn, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ ṣé, sà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn "ká ní a ò tà" yẹn, ṣé ó yẹ nínú íméèlì?

Àgbà Oníṣirò

Lójú tèmi, bí ẹ bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbáà dára fún yín, ìbáà burú. Kíkọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó bá gbè yín nìkan, ẹ̀tàn ni.

Akọ̀wé Ọjọ́ Ẹtì

Ibẹ̀ gan-an ni mi ò tíì dá lójú, sà. Ìyá fẹ́ rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Oníbàárà kejì rí i lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí n pa ètò náà tì ní gbogbo ìgbà tí ọjà bá já. Bóyá màá máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè nìkan, mi ò mọ̀.

Ti ogún ọjọ́ yẹn, mo ti kà á lórí kàlẹ́ńdà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa bọ́ síta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìlà kan kún íméèlì tó ń lọ lónìí: "Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kí ètò wa rà padà, bí ọjà tilẹ̀ dákẹ́."