Íǹkì ń gbẹ mọ́ orí pírìntà mi: ṣé títẹ ojú ìwé kan lọ́sẹ̀ tó?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Pírìntà oníǹkì mi kì í ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù méjì. Nígbà tí mo tàn án lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ìlà dúdú inú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ ti já káàkiri. Mo fọ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò yí padà. Mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìlà sì pé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo ti máa ń pa tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnnì ara rẹ̀ ni mo ń lò báyìí, kí orí náà lè padà sórí ìdérí rọ́bà rẹ̀ kí iná tó lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ojú ìwé kan tó ní gbogbo àwọ̀ lọ́sẹ̀ tó, àbí kí n máa fọ̀ ọ́ lóṣooṣù? Fífọ̀ ń bà mí lẹ́rù, torí íǹkì tó bá dà nù ń kún tìmùtìmù tó ń fà á mu nínú rẹ̀.