Ìwé-ìsáré alága: ta ló ń sáré?

Olùbéèrè, Ìlọrin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà èdè. Mo ń túmọ̀ ìwé ìlànà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Ìwé kan wà tí alága máa ń mú dání, tí kì í jẹ́ kí ìpàdé yà kúrò lórí àjẹ́ńdà, tí mínììtì fi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀. Rọ́n ṣíìtì ni wọ́n ń pè é. Mo kọ ọ́ ní “ìwé-ìsáré alága”. Ṣé ó bójú mu? Kí ló sì yẹ kó wà nínú rẹ̀?

Bàbá Olùkọ́, Iléṣà:
Kò bójú mu rárá. Ta ló ń sáré? Alága jókòó, akọ̀wé jókòó, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jókòó. Ẹni tó bá rí “ìwé-ìsáré” yóò rò pé orúkọ àwọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ figa gbága lórí pápá ló wà níbẹ̀. Kí a má máa gbé ọ̀rọ̀ òyìnbó kalẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, ká sì ní a ti túmọ̀ rẹ̀.

Ìwé-atọ́nà ni mo dábàá. Ẹ fi àmì òkè sórí *tọ́* yẹn o, *tọ́* tí a fi ń tọ́ ọmọ ni. Bí ẹ bá yọ àmì náà, atọnà ló dà, ẹni tó ń tọ ọ̀nà lọ, ọmọ ìpàdé nìyẹn, kì í ṣe alága. Àwọn olùkọ́ tó kọ́ wa kì í gba iṣẹ́ tí kò lámì lọ́wọ́ wa.

Ìyá Alága, Abẹ́òkúta:
Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Alága ìjókòó ni mí, a ti ń lo irú ìwé yìí tipẹ́. Ó wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìdána: ìgbà tí ẹbí ọkọ yóò wọlé, ìgbà tí wọn yóò dọ̀bálẹ̀, ìgbà tí a óò ka lẹ́tà, ìgbà tí ìyàwó yóò jáde. “Ètò ọjọ́” là ń pè é. Kí ẹ pè é bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìbàdàn:
Mà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n níbi ìdána, gbogbo wa ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ kí a tó dé ibẹ̀. A ò mọ̀ ọ́n níbi ìpàdé, ìdí sì nìyẹn tí ìwé náà fi gbọ́dọ̀ ní àyè òfìfo. Mo fara mọ́ atọ́nà tí Bàbá sọ. Ìbéèrè kejì ni n óò dáhùn.

Èmi àti alága máa ń jókòó tì í ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú ìpàdé. A ó fún ohun kọ̀ọ̀kan lórí àjẹ́ńdà ní àyè tirẹ̀. A ó kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí, ẹni tó ń mú un wá, àti ìdí tó fi wà níbẹ̀: ṣé ká gbọ́ ọ ni, ṣé ká jíròrò rẹ̀ ni, àbí ká pinnu? Bó bá jẹ́ ti ìpinnu, a ó kọ àbá náà ní gbólóhùn kan tó pé. Lábẹ́ rẹ̀ ni òfìfo máa ń wà: ẹni tó dá àbá, ẹni tó kín in lẹ́yìn, bí ìbò ṣe lọ, ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ náà, ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí.

Ẹ jẹ́ ká fi alájẹṣẹ́kù yín wò ó. Ohun kẹta, aago 4:20 sí 4:40, akápò, ìpinnu. Àbá: “Kí ẹni tó bá pẹ́ san ẹ̀yáwó oṣù máa san ₦500 lé e, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Keje.” Ẹnì kan dìde, ó ní ₦500 ti pọ̀ jù, kó jẹ́ ₦300. Ẹlòmíràn kín in lẹ́yìn. Àtúnṣe yẹn ni alága yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n dìbò lé lórí. Bí wọ́n bá gbà á, yóò fa ìlà sí 500, yóò kọ 300, yóò wá ní kí wọ́n dìbò lórí àbá fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò kà á sókè kó tó sún mọ́ ohun kẹrin, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò ṣe é. Ohun tí èmi yóò kọ sí mínììtì ni pé: “Ìpàdé fẹnu kò pé ẹni tó bá pẹ́ san ẹ̀yáwó oṣù yóò máa san ₦300 lé e láti oṣù Keje. Akápò yóò fi lẹ́tà sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kó tó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà.” Ó tán.

Kíkà sókè yẹn ni àwọn alága máa ń fò. Bí akọ̀wé bá gbórí sókè tó béèrè pé “kí la wá fẹnu kò sí?”, kí ẹ mọ̀ pé ìwé náà ti kùnà nìyẹn. Bí ẹnì kan bá sì gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹgbẹ́ wọ inú ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó, àyè kan wà nísàlẹ̀ ìwé tí a kọ “ọ̀rọ̀ tó dúró” sí. Alága á kọ ọ́ síbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, yóò sì padà sí i kí ìpàdé tó parí. Bí kò bá padà sí i, onítọ̀hún á mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n pa òun lẹ́nu mọ́, ìpàdé tó ń bọ̀ ni ẹ óò sì ti rí ìbínú rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Akọ̀wé. Mínììtì tí ẹ ń sọ yìí ti gbẹ jù. Bàbá mi ṣe akọ̀wé ìjọ títí wọ́n fi dàgbà. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ ni wọ́n ń kọ. Bí wọ́n bá ń kà á, oníkálukú á gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ohun tó yẹ kí akọ̀wé ṣe nìyẹn. Ìwé alága kò lè gba iṣẹ́ akọ̀wé ṣe.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìbàdàn:
Kí Ọlọ́run tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere bí wọn ò bá sí mọ́. Ṣùgbọ́n Henry Robert, ẹnjiníà ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó tẹ ìwé ìlànà ìpàdé jáde ní 1876, sọ pé ohun tí a ṣe ni mínììtì ń gbé kalẹ̀, kì í ṣe ohun tí a sọ. Ẹ jàre níbì kan: bí ìpinnu náà bá le, ó dára ká fi ìdí rẹ̀ kún un ní gbólóhùn kan, kí àwọn tó ń bọ̀ má baà tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn náà látilẹ̀. Ìyẹn náà ní àyè tirẹ̀ lórí ìwé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham:
Èyí tó ń dùn mí gan-an kọ́ nìyẹn. Ẹ jókòó sílé, ẹ̀yin méjì, ẹ ti kọ àbá pátá kí ìpàdé tó pé. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ti pinnu tán nìyẹn?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìbàdàn:
Àbá ni, kì í ṣe òfin. Àpẹẹrẹ ₦300 yẹn ni ìdáhùn mi. Àyè ìbò àti ti ẹni tó dá àbá ni alága kò gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Alága tó bá kọ ọ́ ti ṣe màgòmágó.

Bàbá Olùkọ́, Iléṣà:
Ẹ má jẹ́ ká fi èdè sílẹ̀. “Mínììtì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀” kò dùn létí mi. Kò sí ohun tó ń kọ ara rẹ̀. “Iṣẹ́ akọ̀wé á wá fúyẹ́” ló yẹ kí ọmọ Ìlọrin yẹn kọ.

Ìyá Alága, Abẹ́òkúta:
Bàbá, ẹ dákun, “ètò ọjọ́” ńkọ́? Ẹ ò tíì sọ ohun tó ṣe é.

Bàbá Olùkọ́, Iléṣà:
Ètò ọjọ́ ni àjẹ́ńdà, ìyá. Ohun tí gbogbo ènìyàn ní lọ́wọ́ ni. Ti alága yàtọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham:
Kí ló dé tó fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀? Kí gbogbo ènìyàn rí i, àbá àti aago pẹ̀lú, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ìbàdàn:
Àbá lè lọ sọ́dọ̀ wọn. Aago kọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé 4:40 ni ọ̀rọ̀ máa parí á dìde ní 4:38 láti sọ̀rọ̀ gígùn, kí àyè má baà yọ fún ìbò.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham:
Ní ìlú yín nìyẹn.